Mẹ́sàn-án la fi ń pín owó ilé wa, a kì í pín in sí méjìlá

Ìkòròdú là ń gbé, ilé oníyàrá méjì ni, ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà sì ni owó ilé wa máa ń pé. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Oṣù yẹn náà làwọn ọmọ ń wọlé sí kíláàsì tuntun, pẹ̀lú owó ilé-ẹ̀kọ́, ìwé, yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà. Onílé kò gba owó lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo owó ọdún máa jáde, láti ọwọ́ àwọn tí owó ń wọlé fún díẹ̀díẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan, ìparí oṣù ni owó wọn ń wọlé. Èmi ń ta próvísọ̀n lọ́jà, owó tèmi sì ń wọlé lójoojúmọ́. Ó ń pọ̀ lónìí, ó ń dín lọ́la.

Ní ọdún 2022, ₦600,000 ni owó ilé náà. ₦240,000 ló wà nílẹ̀, a sì yá ₦360,000 tó kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà níbi iṣẹ́ ọkọ mi. Èlé ẹgbẹ́ náà kì í pani lára, náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ni. Gbogbo gbèsè náà wá di ₦396,000, wọ́n sì ń yọ ₦33,000 nínú owó oṣù wọn fún oṣù méjìlá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyẹn: oṣù méjìlá. Ọjọ́ tí gbèsè owó ilé yìí bá tán ni owó ilé mìíràn á pé. Owó tó yẹ ká máa kó jọ fún ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó kọjá ló ń gbé e jẹ. Béèyàn ò bá yá owó mọ́, kò ní lè san owó ilé. Bó bá sì yá a, ọdún tó tẹ̀ lé e ló ti dá lóró yẹn. Mo mọ àwọn tó ti wà nínú àyípo yìí láti ìgbà tí wọ́n ti gbéyàwó, tí wọ́n gbà pé bí ayé ṣe rí náà nìyẹn.

Nítorí náà, kí n tó sọ bí a ṣe ń kówó jọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iye tó yẹ ká kó, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yíwọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á mú ₦600,000, wọ́n á pín in sí méjìlá, ó di ₦50,000 lóṣù. Ìṣirò náà tọ̀nà, àmọ́ kò bá ìgbé ayé ẹni tó ń tọ́ ọmọ mu. Oṣù mẹ́ta wà nínú ọdún tí owó tó bá wọlé níbẹ̀ ti ní ibi tó ń lọ. Owó oṣù tó wọlé ní ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti Sẹ̀tẹ́ńbà ni. Èyí tó wọlé ní Dìsẹ́ńbà, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti Jánúárì ni, bí Kérésì ò bá tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó wọlé ní ìparí Épírì, ti táàmù kẹta ni. Bí èèyàn bá fi oṣù mẹ́ta yìí sínú ìṣirò owó ilé, yóò kùnà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Bó bá sì ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, torí ó gbà pé òun ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù, òun la sì fi ń pín owó ilé tiwa.

Ohun kejì ni pé owó ilé tí à ń kó jọ kì í ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Èyí tí a máa san lọ́dún tó ń bọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tí onílé máa pè é. Onílé wa, àgbàlagbà kan, kì í fi owó kún un lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi kún un, kì í fi ẹgbẹ̀rún méjì mẹ́ta kún un. A wá gbà láàárín ara wa pé a ó máa fi ìdá márùn-ún kún owó ilé tó wà nílẹ̀. Ìdá márùn-ún ₦600,000 jẹ́ ₦120,000, gbogbo rẹ̀ di ₦720,000. Pín in sí mẹ́sàn-án, ₦80,000 ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ti ń ronú nípa ₦50,000 máa fò sókè bó bá gbọ́ ₦80,000. Ọkọ mi náà fò sókè. Ṣùgbọ́n a kò kó o lé ẹnì kan lórí. Wọ́n á mú ₦50,000 wá nínú owó oṣù, èmi á mú ₦30,000 wá láti inú ọjà. Nínú oṣù mẹ́ta owó ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, iye kan náà là ń kó jọ, ibi tó ń lọ nìkan ló yàtọ̀. Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an, torí kò sí oṣù kankan tí ọwọ́ wa ti bọ́ lára àṣà náà. Owó tó yẹ ká gbàgbé kò fìgbà kan dà bí owó tá a lè ná.

Apá tèmi, alájọ ló ń bá mi kó o. Káàdì rẹ̀ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú kan sì jẹ́ ₦1,000. Bí mo bá kún gbogbo rẹ̀, alájọ á mú ojú kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì gbé ₦30,000 fún mi. Kì í wá lọ́jọ́ Àìkú, ọjà náà kì í sì í yá lójoojúmọ́, nítorí náà lọ́jọ́ tí ọjà bá yá mo máa ń san ojú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ₦1,000 tí alájọ ń mú yẹn, àdánù ni. Èmi kò kà á sí àdánù. Kò sí báǹkì kankan tó máa wá bá mi lẹ́nu ìsọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ mi kí n tó fi ra nǹkan.

Àmọ́ o, alájọ kò gbọ́dọ̀ di báǹkì. Ìlànà tèmi ni pé lọ́jọ́ tó bá gbé owó oṣù fún mi, ọjọ́ náà gan-an ni yóò lọ sí àkáǹtì. Mo mọ obìnrin kan nínú ọjà wa tó fi owó oṣù méje sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ rẹ̀ pé kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ owó ilé. Nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, alájọ yẹn kò wá mọ́, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Owó tó bá wà ní báǹkì, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NDIC ń dúró fún un bí báǹkì bá wó. Láti ọdún 2024, ₦5,000,000 ni wọ́n ń dúró fún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báǹkì ńlá, wọ́n sì ń dúró fún ₦2,000,000 ní báǹkì kékeré tí wọ́n ń pè ní maikirofáínáǹsì. Kò sẹ́ni tó ń dúró fún owó ọwọ́ alájọ. Oṣù kan ni mo lè fara mọ́ kó sọnù, n kò lè fara mọ́ oṣù mẹ́sàn-án.

Apá ti ọkọ mi rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ìwé sí báǹkì pé lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, kí wọ́n máa gbé ₦50,000 lọ sí àkáǹtì mìíràn fúnra wọn. Àkáǹtì yẹn kò ní káàdì tí wọ́n fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ, a kò sì fi í sórí fóònù. Bí a bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, a máa ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí báǹkì, ká tò. Ìnira yẹn ló wúlò níbẹ̀. Mo ti rí i pé èrò tó bá gbé èèyàn dé iwájú báǹkì lẹ́yìn wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣòro gidi.

Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wọn ń lo áàpù, níbi tí èèyàn ti lè ti owó pa títí di ọjọ́ kan. Ó dára, ó tún ń mú èlé díẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi tì í ṣe pàtàkì. Ọ̀kan nínú wọn ti tirẹ̀ pa di àárín Sẹ̀tẹ́ńbà, nígbà tó jẹ́ pé ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì ni owó ilé rẹ̀ pé. Áàpù náà kò sì gbà kó ṣí i ṣáájú. Ọkùnrin yìí lọ yá owó pẹ̀lú èlé nígbà tí owó tirẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìṣí náà ṣáájú ọjọ́ owó ilé ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán. Èlé tó bá mú wá náà, ẹ má ṣe kà á mọ́ iye tí ẹ ń kó jọ. Bó bá dé, ẹ fi gbé àwọn ẹrù ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn ará ọjà á bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú dá àjọ. Bí àpẹẹrẹ, àwa mẹ́wàá á máa dá ₦50,000 lóṣù, ẹnì kan á sì máa kó ₦500,000. Mo fẹ́ràn àjọ, mo sì wà nínú ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò fi owó ilé síbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó kó o kọ́kọ́: gbèsè ló gbà, kò ní èlé, ó sì máa san án fún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ni ó yá gbogbo àwọn tó kù lówó, òun náà ni ẹni tó máa jìyà bí ẹnì kan bá kó tirẹ̀ tán tó sì dákẹ́. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá pé ní Sẹ̀tẹ́ńbà á fẹ́ kó tirẹ̀ ní ìparí, ìparí yẹn gan-an sì ni ibi tó léwu jù. Bí àjọ bá jẹ́ ti àwọn tí ẹ ti jọ dá a fún ọdún mélòó kan tí kò já, ẹ gba àárín, kí ẹ sì gbé owó náà lọ sí àkáǹtì tí kò ní káàdì lọ́jọ́ tí ẹ kó o. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ fún fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, ohun tó lè dúró.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbèsè tí a ti wọ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2022, ₦33,000 ṣì ń jáde lóṣooṣù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nínú ₦50,000 ti ọkọ mi, ₦17,000 péré ló kù. Àpapọ̀ tiwa di ₦47,000, fún oṣù mẹ́sàn-án ó jẹ́ ₦423,000. Onílé kò fi kún owó lọ́dún yẹn. ₦177,000 ló dín, a sì tún lọ yá ₦180,000. Ní ojú ẹlòmíràn, a ṣì wà níbi tí a wà. Àmọ́ gbèsè náà ti di ìdajì.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí, ọkọ mi ló sì rí i. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ tẹ́ ẹ fún oṣù méjìlá, ₦16,500 lóṣù, kó lè rọrùn. Ọkọ mi ní rárá, kí wọ́n máa yọ ₦33,000 bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Gbèsè náà pẹ̀lú èlé jẹ́ ₦198,000, oṣù mẹ́fà ló sì fi tán, ní ìparí Fẹ́búárì 2024. Láti Máàṣì, ₦80,000 bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lódindi. Oṣù márùn-ún ti ₦47,000 jẹ́ ₦235,000, oṣù mẹ́rin ti ₦80,000 jẹ́ ₦320,000, àpapọ̀ ₦555,000. ₦45,000 ló dín lọ́dún yẹn, èrè ọjà Iléyá sì gbé e. A kò yá kọ́bọ̀. Bí a bá ti gbà kí wọ́n tẹ́ gbèsè náà di oṣù méjìlá, owó ìkójọ wa ì bá jẹ́ ₦571,500, ó tiẹ̀ ju ₦555,000 lọ. Àmọ́ ₦16,500 ṣì máa jáde lóṣooṣù títí di Ọ́gọ́ọ̀sì, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti Épírì àti ti Sẹ̀tẹ́ńbà ló sì máa jìyà rẹ̀. Níbi tí a bá ti lọ yá owó nítorí ọmọ, àyípo náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wo ìwé wa ní ìparí Fẹ́búárì. Nígbà yẹn, oṣù márùn-ún ti wọlé nínú mẹ́sàn-án, nítorí náà ₦400,000 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Bó bá dín, oṣù mẹ́fà ṣì wà láti tún un ṣe. Ẹni tó bá dúró di Júláì kó tó kà á, gbèsè nìkan ló kù tó lè ṣe. Oṣù Fẹ́búárì yẹn náà ni mo tún máa ń lọ kí onílé, kì í ṣe pé mo bi wọ́n tààrà. Mo kàn máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kun ilé, bóyá wọ́n fẹ́ ṣe kànga. Onílé tó bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà àti kànga ní Fẹ́búárì, owó ilé rẹ̀ máa lọ sókè ní Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ó lọ sókè lóòótọ́ ní ọdún 2025. Lẹ́tà dé ní oṣù Júùnù pé owó ilé ti di ₦700,000. Aládùúgbò wa kan bínú kó jáde. Mo jókòó, mo sì ṣe ìṣirò fún ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ilé mìíràn ní ₦600,000, ajẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá, ₦60,000. Ìwé àgíríméǹtì á gba ìdá mẹ́wàá, ₦60,000. Owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ń dá dúró nítorí ìbàjẹ́ ilé, ó kéré tán ₦50,000. ₦770,000 nìyẹn, ọkọ̀ tó máa kó ẹrù kò sí níbẹ̀. Àwọn onílé kan tún máa ń béèrè owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2011, kò gbà ju ọdún kan lọ. (Òfin náà kò kan Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó kan Ìkòròdú.) Nítorí náà, ẹ̀kún owó ₦100,000 tó ń bí wọn nínú kò tó iye tí wọ́n máa ná láti sá fún un. Wọ́n kó lọ ṣá.

Tiwa ti pé ₦720,000 nígbà tí Júláì parí. A san ₦700,000 ní ọjọ́ kejìlélógún Ọ́gọ́ọ̀sì, kí onílé má tíì béèrè, a sì gba rìsíìtì. Orúkọ ọkọ mi ni mo ní kí wọ́n kọ sí i, kì í ṣe “ìdílé lágbájá”, torí àwọn ni wọ́n ń yọ owó orí nínú owó oṣù wọn. Láti Jánúárì 2026, òfin owó orí tuntun gbà kí òṣìṣẹ́ yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san kúrò nínú owó tí wọ́n máa bù owó orí lé, àmọ́ iye tó máa yọ náà kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Lórí ₦700,000, ₦140,000 nìyẹn. Owó ọkọ mi wà ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ₦21,000 ló máa dín nínú owó orí wọn lọ́dún. Ẹni tí kò bá ní rìsíìtì, kí ló fẹ́ fi hàn wọ́n?

Fún ọdún tí a wà yìí, a fi ₦800,000 ṣe iye tí à ń lé. Ó dín sí ìdá márùn-ún tá a máa ń fi kún un, àmọ́ onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó ni, n kò rò pé wọ́n á tún tètè padà wá. ₦20,000 tó ṣẹ́kù lọ́dún tó kọjá wà nínú àkáǹtì náà síbẹ̀. ₦50,000 ọkọ mi kò yí padà. Èmi ni mo sọ ojú káàdì mi di ₦1,200, kó lè máa jẹ́ ₦36,000 lóṣù. ₦86,000 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ ₦774,000, pẹ̀lú ₦20,000 ó jẹ́ ₦794,000. ₦6,000 tó kù, ọjà Iléyá máa gbé e.